Alẹ́ ìbéèrè ní Kétu: bí a ṣe wọn ìbéèrè kí a tó bi wọ́n

Bí a bá bi ọmọ lisé kan léèrè pé òkè wo ló ga jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé Sokubaró ni, kí ó sì fi kún un pé gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 658. Bí a bá bi ìyá àgbà tó ń ta gàrí ní ọjà Kétu ní ìbéèrè kan náà, yóò kọ́kọ́ wò wá lójú bóyá orí wa pé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn méjèèjì sọ iye tí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin jẹ́, ìyá àgbà yóò ti dáhùn kí a tó pa ẹnu dé, ọmọ lisé ni yóò máa wo òkè àjà. Èwo ló le jù nínú ìbéèrè méjèèjì? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí mo sì ń ṣe ìdánwò fún wọn, síbẹ̀ n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí ló le, pé ìyẹn ló rọrùn. Àárín ìbéèrè àti ẹni tí a bi ni ìnira ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdíje dọ́gba gbọ́dọ̀ lọ wá a níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ fún mi nígbà ìsinmi gígùn tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa wá bá mi pé àwọn fẹ́ ṣe alẹ́ ìbéèrè kan nínú àgbàlá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ikọ̀ mẹ́ta dojú kọ ara wọn: àwọn ọmọ lisé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ (aránṣọ, mẹkaníìkì, gbẹ́nàgbẹ́nà), àti àwọn ìyá àti bàbá àgbà. Ènìyàn márùn-ún ni wọn yóò wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Faransé, níbi tí ètò kan ti wà láti ọdún 1988 tí àwọn olùdíje ti ń sáré tẹ aago kí wọ́n lè kọ́kọ́ dáhùn. Aago yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti rí àgógó kan yá.

Èmi pẹ̀lú ti rí irú rẹ̀, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ikọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ náà. Inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti fa gbogbo ìbéèrè jáde, èdè Faransé ni wọ́n fi kà wọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ ni yóò sì dáhùn. Lẹ́yìn wákàtí kan, àmì òdo ni ikọ̀ àwọn àgbà ní. Bàbá kan wà láàárín wọn tó wọ agbádá wá, tó mọ ìtàn ilé mẹ́wàá ní àmọ̀dunjú. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín sí i láti ẹ̀yìn. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ewúrẹ́ òun, kò sì padà wá. Nígbà tí wọ́n tún pe ìdíje mìíràn níbẹ̀, àgbà kankan kò yọjú. Ìlú tí àwọn àgbà rẹ̀ bá ti kọ̀ láti jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ lálẹ́, mélòó ni nǹkan tí àwọn ọmọ yẹn yóò tún gbọ́?

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ bẹ àwọn àgbà tiwa pé kí wọ́n wá, èsì tí bàbá tó dàgbà jù nínú wọn fún mi kò yà mí lẹ́nu. Ó ní: «Olùkọ́, a ó wá. Ṣùgbọ́n a kò ní wá jókòó kí àwọn ọmọ ọmọ wa máa fi wá ṣe ẹ̀rín. Ẹ má sì gbé àmì ọ̀fẹ́ lé wa lọ́wọ́ bí ẹni ń fún alágbe lówó.» Gbólóhùn kejì yẹn pa ọ̀nà tó rọrùn jù mọ́ mi lójú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá kàn fún àwọn àgbà ní àmì márùn-ún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ká sì máa bá a lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò da àwọn ikọ̀ pọ̀, kí ọmọ lisé, aránṣọ àti ìyá àgbà wà nínú ikọ̀ kan náà. Ó dára, ó sì mú ìdọ́gba wá lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé nínú ikọ̀ àdàlù, ọmọ lisé ló máa ń di bíìkì mú, ẹni tó bá sì di bíìkì mú ló máa ń dáhùn. Àgbà a di ẹni tí a ń bi léèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀wọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ dojú kọ ara wọn. Adùn rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo ṣe kò ju ohun tí alásè ń ṣe lọ: mo tọ́ ọbẹ̀ wò kí n tó gbé e fún àlejò. Mo kọ ìbéèrè 60 sórí páálí kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀. Mo wá ènìyàn mẹ́sàn-án tí wọn kò ní kópa nínú eré náà, àwọn kan ní Pọ́bẹ̀, àwọn kan ní abúlé tó wà nítòsí wa: ọmọ lisé mẹ́ta, oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta, àgbà mẹ́ta. Mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní gbogbo ìbéèrè náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á mọ́ra. Sí igun páálí kọ̀ọ̀kan ni mo kọ nọ́ńbà mẹ́ta: iye ọmọ lisé tó mọ̀ ọ́n, iye oníṣẹ́ ọwọ́, iye àgbà. Òkè Sokubaró gba 2-0-0. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gba 0-1-3. Ọdún tí Dàhòmì yí orúkọ padà di Bẹ̀nẹ̀, èyí tí í ṣe 1975, gba 3-2-3: inú ìwé ni àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n, àwọn àgbà sì gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí pé orí wọn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ó mọ bí ìbéèrè náà ti le tó. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ nìkan a máa tan ènìyàn jẹ. Páálí kan gba 3-0-0, òmíràn gba 1-1-1. Mẹ́ta ni àròpọ̀ àwọn méjèèjì, olùkọ́ tí kò bá sì wo ju àròpọ̀ lọ yóò ní ọgba ni wọ́n. Rárá o. Èkejì jẹ́ ìbéèrè tó le fún gbogbo ènìyàn. Èkíní kò le rárá: ẹ̀bùn ni, a dì í fún ikọ̀ kan ṣoṣo, a sì fi ilẹ̀kùn tì mọ́ àwọn ikọ̀ méjì yòókù. Ohun tó pa bàbá alágbádá yẹn lára ní ìlú kejì nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn ìbéèrè náà le. Ẹ̀bùn ni gbogbo wọn, ọmọ lisé nìkan ni wọ́n sì dì í fún.

Mo wá pín àwọn páálí náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, mo yà á sọ́tọ̀, nítorí pé ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ kò ju kí olùbéèrè fi ara rẹ̀ hàn lọ. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ ara wọn, tí wọn kò fi ju ẹyọ kan lọ síra, mo pè é ní ti gbogbo wa. Èyí tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo pè é ní ti onílé, mo sì kọ orúkọ onílé rẹ̀ sí i lẹ́yìn. N kò sọ ti onílé nù. Eré tí kò bá ní ibi tí àgbà ti lè fi ìmọ̀ àgbà hàn, tí aránṣọ ti lè fi ti aránṣọ hàn, kò ládùn. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi dè é: bí mo bá mú ti onílé kan wọ inú eré, mo gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan tó wúwo bákan náà fún àwọn ilé méjì yòókù.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìwọ̀n yìí mọ. Ènìyàn mẹ́ta kéré. Bí páálí kan bá gba 2 tí òmíràn gba 3, kò sí ohun tí a lè rí fà yọ nínú ìyàtọ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ pé orí ló ń fọ́ ẹnìkan lọ́jọ́ náà. Ìyàtọ̀ láàárín òdo àti mẹ́ta nìkan ni mo gbára lé. Bí ẹ bá lè rí atọ́wò márùn-ún márùn-ún, ẹ mú wọn. Èmi kò rí wọn.

Nígbà tí mo pín wọn tán, ti gbogbo wa kò tó. Ti onílé ló pọ̀ jù, pàápàá ti àwọn ọmọ lisé, torí pé èmi náà ilé-ẹ̀kọ́ ló tọ́ mi. Ibí ni iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni àtúnṣe ìbéèrè. A kì í yí ìdáhùn padà. Ọ̀nà tí a fi ń dé ibẹ̀ ni à ń la gbòòrò sí i.

Ẹ wo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ọmọ lisé kò mọ̀ ọ́n nítorí pé Faransé ló fi ń ka owó. Ṣùgbọ́n ó ní orí tó lè fi wá a, bí a bá fún un ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Mo tún un kọ báyìí: «Bí ẹgbẹ̀ta bá jẹ́ 600, tí ẹgbẹ̀rin sì jẹ́ 800, èló ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin?» Àgbà kò nílò ìrànlọ́wọ́ yẹn, kò sì dí i lọ́wọ́. Ọmọ lisé tó bá fetí sí orúkọ náà yóò fura pé nǹkan kan ti dín kúrò nínú ẹgbẹ̀rin, yóò sì dé 700. N kò lè gbé e padà fún àwọn atọ́wò mi àtijọ́, nítorí pé wọ́n ti mọ ìdáhùn. Mo wá àwọn mìíràn. Ó gba 2-2-3. Ìbéèrè kan náà, tó jẹ́ ti onílé lánàá, ti di ti gbogbo wa.

Ti òkè Sokubaró gba ọ̀nà mìíràn. Dípò orúkọ òkè, mo béèrè ibi tó wà: ṣé ìhà etíkun ni, ṣé àárín ilẹ̀ ní agbègbè Ṣábẹ ni, tàbí ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn? Mẹkaníìkì tó bá ti bá ọkọ̀ ẹrù dé Natitingú rí mọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń ké. Ìyá tó ti lọ ra iṣu lókè lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n. Ó gba 3-3-2. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún irú ìbéèrè yìí, nítorí pé ẹni tó bá kàn ṣẹ́ gègé nínú mẹ́ta yóò gba ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, eré náà di tẹ́tẹ́. N kò jẹ́ kí wọ́n ju méjì lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ kò nílò àtúnṣe rárá. «Ọjà kan wà tí a ń ná ní ọrọọrún. Ó bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ajé?» Ọjọ́ kẹrin-kẹrin ni ọjà náà ń padà bọ̀, nítorí pé àwọn àgbà a máa ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn. Ọmọ lisé wá nọ́ńbà tó kéré jù tí 4 àti 7 lè pín láìṣẹ́kù, ó ní 28. Aránṣọ kọ àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi bíìkì fò wọ́n. Ìyá àgbà kan ka ọjà méje lórí ìka rẹ̀, ó ní «Ọjà keje ni», ó sì rò ó di ọjọ́ 28. Ọ̀nà mẹ́ta, ìdáhùn kan. Ó gba 2-2-2.

Ìtọ́wò náà tún máa ń tú àṣírí ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì. Mo ti kọ ọ́ pé: «Ọdún wo ni Yunẹ́sikò mọ rírì Gẹ̀lẹ̀dẹ́?» Atọ́wò kan ní 2001, òmíràn ní 2008. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ: 2001 ni wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀, 2008 ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ tuntun. Ká ní orí pápá ni èyí ti jáde, ìjà ni ìbá dá sílẹ̀, alẹ́ ìbá sì ti bàjẹ́. Lórí páálí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tún un ṣe: «kọ́kọ́ kéde».

Ó wá ku bí a ó ṣe to eré náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ yọ kúrò ni àgógó, inú àwọn ọ̀dọ́ kò sì dùn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni ọdún 17 yóò na ọwọ́ kí ẹni ọdún 70 tó fa èémí, kódà bí àwọn méjèèjì bá mọ ìdáhùn. Àgógó ń wọn apá. Kì í wọn orí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ Faransé ti mọ ibi tí ìbéèrè ń lọ kí a tó ṣe é ní Yorùbá tán. Nítorí náà, ní abala kìn-ín-ní, ìbéèrè ti gbogbo wa méjìlá ni a bi àwọn ikọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. A ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ní Faransé, ìṣẹ́jú-àáyá 40 sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá kà á tán. Akọ̀wé kan tí kì í ṣe ọmọ ikọ̀ jókòó ti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n bá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ló ń kọ. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìyá àgbà kan mọ̀wé tàbí kò mọ̀wé.

Abala kejì ni ilé ti onílé. Àkòrí mẹ́fà ló wà, ìbéèrè mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Kétu kí ogun Dàhòmì tó fọ́ ọ ní 1886, ewé àti egbò, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, aṣọ àti rírán rẹ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yan méjì fún ara rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń yàn. Ẹ jẹ́ kí a rò pé àkòrí tó dára jù tó àmì 6, èyí tó tẹ̀lé e 5, títí dé 1. Bí ikọ̀ kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta bá yàn, tí a sì tún padà sí ìkìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta, ìkìn-ín-ní yóò ní 6 àti 3, ìyẹn 9, ìkejì 7, ìkẹta 5. Ẹni tó ṣáájú ti jẹ ẹni tó kẹ́yìn níyà kí a tó béèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó yàn kẹ́yìn bá tún yàn lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, tí yíyàn sì padà sẹ́yìn bí owú ahunṣọ ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, ìkìn-ín-ní yóò ní 6 àti 1, ìkejì 5 àti 2, ìkẹta 4 àti 3. Méje-méje. Ní tòótọ́, ohun tó tó 6 lójú àgbà lè tó 1 lójú ọmọ lisé, nítorí náà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ du àkòrí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ikọ̀ méjì sì fẹ́ ẹ.

Abala kẹta ni ikọ̀ ti ń yan ìwúwo ìbéèrè kí ó tó gbọ́ ọ: àmì kan, méjì, tàbí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yàn. Ibi tí irú abala yìí ti sábà máa ń wọ́ ni pé olùbéèrè a fi ojú wọn ìwúwo. Èmi lo àwọn páálí mi. Ìbéèrè tí mẹ́jọ nínú atọ́wò mẹ́sàn-án mọ̀ gba àmì kan. Èyí tí mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ̀ gba méjì. Èyí tí mẹ́ta péré mọ̀ gba mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí a bá bi ènìyàn mẹ́sàn-án ní ti àmì kan, àmì 8 ni gbogbo wọn yóò kó; ti àmì méjì, 8 tàbí 10; ti àmì mẹ́ta, 9. Wọ́n súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìwúwo kan tó sàn ju òmíràn lọ, kí ikọ̀ fi ara rẹ̀ wò ló kù. Ká ní mẹ́fà ló mọ ìbéèrè àmì mẹ́ta ni, wọn ìbá kó 18, kò sì sí ẹni tí ìbá tún yan ohun mìíràn. Ó tún yẹ kí gbogbo páálí àmì mẹ́ta jẹ́ 1-1-1. Bí 3-0-0 kan bá yọ́ wọ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹnìkan fi gba àmì mẹ́ta.

Àwọn ọ̀dọ́ tún fẹ́ ìbéèrè àṣekágbá kan tí yóò tó àmì ogún, kí ọkàn ènìyàn lè máa lù. Mo kọ̀. Bí ìbéèrè kan bá lè gbé ẹni ẹ̀yìn síwájú gbogbo ènìyàn, kí la wá ń ṣe láti wákàtí méjì?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní òpin abala kìn-ín-ní, àwọn ọmọ lisé ní 8, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ 7, àwọn àgbà 7. Ní abala kejì, wọ́n gba 4, 5 àti 4. Nígbà tí a dé abala kẹta, 12, 12 àti 11 ló wà lójú pátákó, ariwo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ta. Àwọn ọmọ lisé yan àmì mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin, torí pé ojú ń tì wọ́n láti béèrè fún èyí tó kéré níwájú àwọn òbí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rí gbà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yan méjì, méjì, kan, mẹ́ta, wọ́n sì pàdánù ti ìkẹyìn nìkan. Àwọn àgbà gòkè díẹ̀díẹ̀, kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta. Àwọn náà pàdánù ti ìkẹyìn. Ó di 15, 17, 17.

Fún irú èyí ni mo ti pèsè igbá kan tó ní àgbàdo nínú, tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ka hóró rẹ̀: 612. Ikọ̀ tó bá súnmọ́ ọn jù ló jáwé olúborí. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìyẹn. Àwọn àgbà ní 400. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbé ojú lé igbá náà bí ẹni ń wọn pákó, ó ní 650. Bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀ àmì ọ̀fẹ́ ní kí wọ́n gbé àgbàdo náà wá kí òun tún un kà. Ó kà á lóòótọ́, àwọn ọmọdé yí i ká, wọ́n ń bá a kà.

Àwọn kan ní bí àmì ṣe súnmọ́ ara wọn yìí ló fi hàn pé eré náà dọ́gba. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé oríire lásán lè mú wọn súnmọ́ra. Àwọn páálí ni mo padà lọ wò lọ́jọ́ kejì. Nínú ìbéèrè méjìlá abala kìn-ín-ní, mélòó ni ikọ̀ kan ṣoṣo mọ̀? Márùn-ún ni: ọmọ lisé nìkan mọ méjì, oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan mọ ọ̀kan, àgbà nìkan mọ méjì. Ká ní márààrún jẹ́ ti ilé kan ni, ǹ bá mọ̀ pé ìwọ̀n mi wọ́, bó ti wù kí àmì ìparí jọra tó. Mo tún bi àwọn akọ̀wé léèrè bóyá ẹnìkan wà nínú ikọ̀ wọn tí kò lanu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní ọmọ lisé kan ni.

Àwọn páálí tí a ti lò ti kú. Gbogbo àdúgbò ti mọ ìdáhùn wọn, 3-3-3 ni gbogbo wọn báyìí, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wá òmíràn kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé, kí a sì wá àwọn atọ́wò tí wọn kò sí nínú àgbàlá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá tó ń ta gàrí ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀: «Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ rírìn ń lò lábẹ́ òkúta kí a tó yan án?» Mo gbé e fún àwọn atọ́wò mi. Ẹnìkan ní méjì, ẹnìkan ní mẹ́ta, ẹnìkan ní mẹ́rin, bí ìyá olúkúlùkù ṣe ń ṣe é. Mo padà lọ sọ fún ìyá pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn tó pọ̀ jù. Ó ní: «Ọmọ mi, ẹni tó bá ní méjì, má ṣe ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀.»